Bí Sẹ́gímẹ́ǹtì Ṣe Ń Dé Ọwọ́ Ètò Tó Ni Ín: Àgbéyẹ̀wò Sọ́kẹ́ẹ̀tì àti Nọ́ńbà Pọ́ọ̀tù

Iṣẹ́ tí ìlànà IP ń ṣe lórí ayélujára kò ju pé kó gbé dátà láti kọ̀ǹpútà kan dé òmíràn lọ. Àdírẹ́sì IP tó wà lára pákẹ́ẹ̀tì ń tọ́ka sí kọ̀ǹpútà, kì í tọ́ka sí ètò kankan nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ètò púpọ̀ ló ń lo nẹ́tíwọ́ọ̀kì lẹ́ẹ̀kan náà nínú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo: aṣàwákiri ń ṣí ojú ìwé méjì, ètò ímeèlì ń wò ó bóyá lẹ́tà tuntun ti dé, ètò kan ń gba orin wọlé, òmíràn ń bèèrè àkókò kó lè tún aago kọ̀ǹpútà ṣe. Okùn kan tàbí Wi-Fi kan náà ni gbogbo wọn ń gbà jáde, ibẹ̀ náà sì ni èsì gbogbo wọn ń gbà wọlé, tí ti èyí dàpọ̀ mọ́ ti tọ̀hún. Bí èsì kọ̀ọ̀kan ṣe ń dé ọwọ́ ètò tó bèèrè rẹ̀ láìṣìnà ni àgbéyẹ̀wò yìí dá lé.

Ìpele ìrìnnà ló ni iṣẹ́ yìí, ìyẹn ìpele tó wà lókè IP tó sì wà lábẹ́ àwọn ètò tí èèyàn ń lò. Ìlànà méjì ló gbajúmọ̀ jù níbẹ̀. Ọ̀kan ni UDP, tí Jon Postel kọ ìwé ìlànà rẹ̀, RFC 768, ní oṣù Kẹjọ ọdún 1980. Èkejì ni TCP, tí RFC 793 ti oṣù Kẹsàn-án ọdún 1981 ṣàlàyé. Iṣẹ́ náà pín sí apá méjì. Lọ́dọ̀ ẹni tó ń fi nǹkan ránṣẹ́, ìpele ìrìnnà ń gba dátà lọ́wọ́ onírúurú ètò, ó ń kọ nọ́ńbà ìdánimọ̀ sí orí ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tó sọ ọ́ di sẹ́gímẹ́ǹtì, ó sì ń kó gbogbo rẹ̀ gba ọ̀nà kan náà lọ. Èyí ni ìkópọ̀. Lọ́dọ̀ ẹni tó ń gbà á, ó ń ka nọ́ńbà náà, ó sì ń fi dátà kọ̀ọ̀kan sí ibi tó yẹ. Èyí ni ìpínyà. Bí lẹ́tà bá dé agbo ilé ńlá, nọ́ńbà ilé nìkan kò tó. Ẹni tó gbà á gbọ́dọ̀ rí orúkọ lára rẹ̀ kó tó mọ yàrá tí yóò gbé e lọ.

## Sọ́kẹ́ẹ̀tì

Ìpele ìrìnnà kì í gbé dátà lé ètò lọ́wọ́ tààrà. Inú sọ́kẹ́ẹ̀tì ló ń gbé e sí. Ètò àgbà tó ń darí kọ̀ǹpútà, irú bíi Linux tàbí Windows, ló ń ṣẹ̀dá sọ́kẹ́ẹ̀tì fún ètò tó bá fẹ́ lo nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ètò àgbà yìí ló ń tọ́jú rẹ̀ sínú ìrántí kọ̀ǹpútà; nọ́ńbà kékeré kan ló ń fún ètò tó bèèrè, èyí tí yóò máa fi tọ́ka sí i nígbàkígbà tó bá fẹ́ fi nǹkan ránṣẹ́ tàbí gba nǹkan. 4.2BSD, ẹ̀dà Unix tí Yunifásítì California ní Berkeley gbé jáde ní ọdún 1983, ló sọ ọ̀nà yìí di mímọ̀ káàkiri. Àwọn àṣẹ tí wọ́n ń lò nígbà náà, `socket`, `bind`, `listen`, `accept` àti `connect`, náà ni ètò ṣì ń lò títí di òní.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan ní ìlà ìdúró fún dátà tó wọlé tí ètò kò tíì kà. Nígbà tí sẹ́gímẹ́ǹtì bá dé, ètò àgbà yóò wá sọ́kẹ́ẹ̀tì tó bá a mu, yóò to dátà sẹ́yìn ìlà rẹ̀, yóò sì jí ètò tó ti ń dúró dè é. Bí ìlà náà bá kún nítorí pé ètò kò tètè kà á, ti UDP tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé yóò ṣòfò. TCP ní tirẹ̀ yóò ti sọ fún ẹni tó ń fi ránṣẹ́ pé kó dáwọ́ dúró ná.

Ètò kan lè ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún sọ́kẹ́ẹ̀tì, ètò méjì sì lè jọ di sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo mú, pàápàá nígbà tí ọ̀kan nínú wọn bá bí èkejì. Nítorí náà, nígbà tí sẹ́gímẹ́ǹtì bá dé, ètò àgbà kì í wá ètò rárá. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ló ń wá, ètò tó bá sì di sọ́kẹ́ẹ̀tì náà mú ni yóò rí dátà gbà. Ẹni tó bá rò pé pọ́ọ̀tù kan dúró fún ètò kan yóò rí i pé èrò yẹn ń ṣiṣẹ́ fún UDP lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n kò lè ṣàlàyé bí sáfà TCP kan ṣe ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn lóhùn láti ojú pọ́ọ̀tù kan.

## Nọ́ńbà pọ́ọ̀tù

Orí sẹ́gímẹ́ǹtì TCP àti ti UDP bẹ̀rẹ̀ bákan náà: báìtì 2 fún pọ́ọ̀tù orísun, báìtì 2 tó tẹ̀ lé e fún pọ́ọ̀tù ibi tí ó ń lọ. Báìtì 2 jẹ́ bíìtì 16, ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà pọ́ọ̀tù fi bẹ̀rẹ̀ láti 0 tó sì parí sí 65535. Lẹ́yìn pọ́ọ̀tù méjèèjì, ohun tó kù nínú orí UDP kò ju gígùn sẹ́gímẹ́ǹtì àti nọ́ńbà tí a fi ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó bàjẹ́ lọ́nà. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ báìtì 8 péré. Orí TCP gùn tó báìtì 20 ó kéré tán, nítorí pé ó tún ní láti máa tọ́jú bí dátà ṣe tẹ̀ léra àti èyí tó ti dé.

Inú orí IP ni àdírẹ́sì méjèèjì wà, ti orísun àti ti ibi tí pákẹ́ẹ̀tì ń lọ. Ibẹ̀ náà ni nọ́ńbà kan wà tó ń sọ ìlànà tí pákẹ́ẹ̀tì gbé: 6 fún TCP, 17 fún UDP. Nọ́ńbà yìí ni ètò àgbà kọ́kọ́ ń wò. Nígbà tó bá dé orí pọ́ọ̀tù, ó ti ya TCP sọ́tọ̀ kúrò lára UDP. Nítorí náà, pọ́ọ̀tù 53 ti TCP yàtọ̀ sí pọ́ọ̀tù 53 ti UDP. Ètò méjì tí kò mọ ara wọn rí lè máa lo ọ̀kọ̀ọ̀kan láìsí ìjà.

IANA ló ń ṣàkóso bí a ṣe pín nọ́ńbà wọ̀nyí, ọ̀nà mẹ́ta ló sì pín wọn sí. Láti 0 dé 1023 jẹ́ ti àwọn iṣẹ́ tí gbogbo ayé mọ̀: 25 fún fífi ímeèlì ránṣẹ́, 53 fún DNS tó ń sọ àdírẹ́sì tí orúkọ ìkànnì dúró fún, 80 fún HTTP, 443 fún HTTPS. Lórí Unix, ètò tí kò ní àṣẹ alábòójútó kì í sábà lè gba nọ́ńbà kankan nínú wọn. Láti 1024 dé 49151 jẹ́ èyí tí àwọn tó kọ ètò lè forúkọ sílẹ̀ fún, bíi 3306 tí MySQL ń lò àti 5432 tí PostgreSQL ń lò. Láti 49152 dé 65535 kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìlò ìgbà díẹ̀ ni wọ́n wà fún. Bí nọ́ńbà ṣe ń bọ́ sọ́wọ́ iṣẹ́ kan lè rọrùn gan-an: Tatu Ylönen, tó kọ SSH ní Finland ní ọdún 1995, bèèrè fún 22 nítorí pé ó ṣófo láàárín 21 tí FTP ń lò àti 23 tí telnet ń lò, wọ́n sì fún un.

Ìwúlò nọ́ńbà mímọ̀ ni pé oníbàárà gbọ́dọ̀ mọ ibi tí yóò kàn sí kó tó sọ ọ̀rọ̀ kankan. Sáfà kò nílò irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ nípa oníbàárà, nítorí pé pọ́ọ̀tù orísun wà lára ohun tí oníbàárà fi ránṣẹ́. Nígbà tí sáfà bá ń fèsì, yóò kàn pààrọ̀ wọn: pọ́ọ̀tù orísun ìbéèrè di pọ́ọ̀tù tí èsì ń lọ. Ìdí nìyí tí ètò oníbàárà kì í fi í sábà yan pọ́ọ̀tù fúnra rẹ̀. Ètò àgbà ló ń mú èyí tó ṣófo fún un, ó sì ń gbà á padà nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Linux kì í tẹ̀ lé ààlà IANA níbi yìí. Bí ẹnikẹ́ni kò bá yí i padà, láàárín 32768 àti 60999 ló ti ń mú.

## Ìpínyà nínú UDP: nǹkan méjì

Sọ́kẹ́ẹ̀tì UDP kò ní ju nǹkan méjì tí a fi ń dá a mọ̀ lọ: àdírẹ́sì IP ibi tí sẹ́gímẹ́ǹtì ń lọ àti pọ́ọ̀tù ibi tí ó ń lọ. Ẹni tó fi í ránṣẹ́ kò sí lára ohun tí a ń wò. Ètò kékeré yìí, tí a kọ ní Python, fi hàn kedere:

```python
from socket import *
s = socket(AF_INET, SOCK_DGRAM)
s.bind(("", 5300))
while True:
    data, addr = s.recvfrom(2048)
    s.sendto(data.upper(), addr)
```

Sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Bí ẹgbẹ̀rún oníbàárà bá kọ̀wé sí pọ́ọ̀tù 5300 ti kọ̀ǹpútà yìí, inú ìlà kan náà ni gbogbo ìwé wọn yóò bọ́ sí, bí wọ́n ṣe dé ni wọn yóò sì tò. Nítorí pé ètò àgbà kò yà wọ́n sọ́tọ̀, ètò náà fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó sọ̀rọ̀. Ìdí tí `recvfrom` fi ń mú `addr`, ìyẹn àdírẹ́sì àti pọ́ọ̀tù orísun, wá pẹ̀lú dátà nìyẹn. Láìsí i, `sendto` kò ní mọ ibi tí èsì ń lọ.

DNS ni àpẹẹrẹ tó wọ́pọ̀ jù. Kọ̀ǹpútà tó wà ní 192.0.2.15 fẹ́ mọ àdírẹ́sì ìkànnì kan. Ètò àgbà fún ètò tó ń bèèrè ní pọ́ọ̀tù 51514, ìbéèrè sì lọ sí pọ́ọ̀tù 53 ní 198.51.100.53. Èsì padà láti pọ́ọ̀tù 53 sí pọ́ọ̀tù 51514 ní 192.0.2.15, nǹkan méjì tó kẹ́yìn yìí nìkan ni ètò àgbà sì nílò láti rí sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń dúró.

Àìwo orísun yìí ní ewu nínú. Ẹnikẹ́ni tó bá lè parọ́ àdírẹ́sì orísun, tó sì mọ̀ pé 51514 ni pọ́ọ̀tù tí a ń retí èsì sí, lè fi èsì èké ránṣẹ́ kí òtítọ́ tó dé. DNS ní nọ́ńbà ìbéèrè tirẹ̀ tí èsì gbọ́dọ̀ bá mu, ṣùgbọ́n bíìtì 16 péré ni òun náà. Ní ọdún 2008, Dan Kaminsky fi hàn pé bí sáfà DNS bá ń lo pọ́ọ̀tù orísun kan náà nígbà gbogbo, bíìtì 16 yìí kò tó láti dáàbò bò ó. A lè gbìyànjú léraléra títí nọ́ńbà yóò fi bára mu. Àtúnṣe tí àwọn tó ń ṣe ètò DNS jọ gbé jáde lọ́dún náà ni pé kí pọ́ọ̀tù orísun máa yí padà láìṣeé sọtẹ́lẹ̀ fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Nípa bẹ́ẹ̀, nọ́ńbà tí a dá sílẹ̀ fún ìpínyà di apá kan ààbò.

Ètò tó bá fẹ́ lè pe `connect` lórí sọ́kẹ́ẹ̀tì UDP rẹ̀, kí ètò àgbà má baà fi ohunkóhun sí i àfi èyí tó wá láti àdírẹ́sì àti pọ́ọ̀tù kan pàtó. Èyí kì í ṣí ìsopọ̀ kankan. Ó kàn ń mú kí ìwádìí náà le sí i ni.

## Ìpínyà nínú TCP: nǹkan mẹ́rin

TCP ń ṣe ìsopọ̀ láàárín ẹni méjì, nítorí náà ó ń wo ìhà méjèèjì. Nǹkan mẹ́rin ló ń dá sọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà nínú ìsopọ̀ mọ̀: àdírẹ́sì IP orísun, pọ́ọ̀tù orísun, àdírẹ́sì IP ibi tí ó ń lọ, àti pọ́ọ̀tù ibi tí ó ń lọ. Bí ọ̀kan ṣoṣo nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá yàtọ̀, sọ́kẹ́ẹ̀tì mìíràn ni.

Sáfà máa ń ní sọ́kẹ́ẹ̀tì oríṣi méjì. Èkíní ni sọ́kẹ́ẹ̀tì etígbọ̀ọ́, tó ń dúró ní pọ́ọ̀tù mímọ̀, tí kò sì ní oníbàárà kankan. Bí oníbàárà tuntun bá kàn sí sáfà, ètò àgbà yóò bá a parí ìkíni ìgbésẹ̀ mẹ́ta tí TCP fi ń bẹ̀rẹ̀, yóò sì ṣẹ̀dá sọ́kẹ́ẹ̀tì kejì fún ìsopọ̀ yẹn nìkan. `accept` ló ń gbé sọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun yìí fún ètò. Pọ́ọ̀tù tuntun kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá. Pọ́ọ̀tù kan náà tí sọ́kẹ́ẹ̀tì etígbọ̀ọ́ ń lò ni sọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun ń lò. Oníbàárà tó wà ní ìhà kejì ló mú un yàtọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo sáfà HTTPS kan ní 203.0.113.10. Bí a bá fi àṣẹ `ss -tan` béèrè lórí Linux, tí a sì mú kìkì ohun tó kan ọ̀rọ̀ yìí, ohun tí yóò hàn ni:

```
LISTEN  0.0.0.0:443       0.0.0.0:*
ESTAB   203.0.113.10:443  198.51.100.7:50112
ESTAB   203.0.113.10:443  198.51.100.7:50113
ESTAB   203.0.113.10:443  198.51.100.8:50112
```

Sọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́rin ló wà níbẹ̀, pọ́ọ̀tù 443 ni gbogbo wọn sì wà. Sẹ́gímẹ́ǹtì kan wá dé láti 198.51.100.8, pọ́ọ̀tù 50112. Bí ètò àgbà bá ń wo pọ́ọ̀tù ibi tí ó ń lọ nìkan, kò ní lè yan ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí ó bá fi pọ́ọ̀tù orísun kún un, ìlà kejì àti ìkẹrin yóò ṣì jọra, nítorí pé kọ̀ǹpútà oníbàárà méjì tó yàtọ̀ ló ṣèèṣì mú 50112. Àdírẹ́sì orísun ló yanjú rẹ̀: ìlà ìkẹrin ni. Lọ́nà kan náà, pọ́ọ̀tù orísun nìkan ló ya ìlà kejì sọ́tọ̀ kúrò lára ìkẹta, nítorí pé àdírẹ́sì kan náà ni wọ́n ti wá.

Linux ń ṣe ìwádìí yìí ní ìgbésẹ̀ méjì. Ó kọ́kọ́ ń fi nǹkan mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wá inú tábìlì àwọn ìsopọ̀ tó ti wà. Bí kò bá rí i níbẹ̀, yóò wá inú tábìlì àwọn sọ́kẹ́ẹ̀tì etígbọ̀ọ́, níbi tí àdírẹ́sì àti pọ́ọ̀tù ti sáfà nìkan ti ṣe pàtàkì. Sẹ́gímẹ́ǹtì SYN, tí í ṣe èyí tó ń bẹ̀rẹ̀ ìsopọ̀, ni ìgbésẹ̀ kejì yìí wà fún. Bí èyí tí kì í ṣe SYN bá já sọ́wọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì etígbọ̀ọ́, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ìsopọ̀ tí sáfà kò mọ̀ ló ń sọ, èsì rẹ̀ yóò sì jẹ́ RST, tó túmọ̀ sí pé kí ó dáwọ́ dúró. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí nígbà tí kọ̀ǹpútà sáfà bá kú tó sì tún jí. Tábìlì ti ṣófo, oníbàárà tó ń sọ̀rọ̀ lọ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀ yóò sì rí `Connection reset by peer`.

Ìwádìí nǹkan mẹ́rin yìí fi hàn pé èrò kan tó wọ́pọ̀ kò tọ̀nà, pé sáfà kò lè gba ju ìsopọ̀ 65535 lọ nítorí pé iye pọ́ọ̀tù kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Pọ́ọ̀tù kan ṣoṣo ni sáfà tó wà lókè yìí ń ná. Ààlà tí bíìtì 16 fà wà láàárín àdírẹ́sì oníbàárà kan àti pọ́ọ̀tù kan lórí sáfà kan. Oníbàárà mìíràn tó bá dé ń mú àdírẹ́sì tirẹ̀ wá. Ohun tó ń dá sáfà dúró ní tòótọ́ ni ìrántí kọ̀ǹpútà àti iye nǹkan tí ètò àgbà gba ètò kan láyè láti ṣí lẹ́ẹ̀kan náà.

Bí sáfà ṣe pín sọ́kẹ́ẹ̀tì wọ̀nyí fún àwọn ètò kò kan ìpínyà. Ètò kan lè di gbogbo wọn mú, tàbí kí ètò kan wà fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí àwọn sáfà àtijọ́ ṣe ń ṣe. Láti ọdún 2013, Linux tún fàyè gba ọ̀pọ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì etígbọ̀ọ́ lórí pọ́ọ̀tù kan, bí gbogbo wọn bá béèrè fún un pẹ̀lú `SO_REUSEPORT`. Ètò àgbà á wá ṣe ìṣirò lórí nǹkan mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láti yan èyí tí yóò gba oníbàárà tuntun.

## Ibi tí nǹkan ti ń yíwọ́, àti bí a ṣe ń dá a mọ̀

Àìrí sọ́kẹ́ẹ̀tì ló wọ́pọ̀ jù. Bí SYN bá dé pọ́ọ̀tù tí ẹnikẹ́ni kò tẹ́tí sí, ètò àgbà yóò dá RST padà lójú ẹsẹ̀, oníbàárà yóò sì rí `Connection refused`. Nínú UDP, ìfìròyìn ICMP, irú 3, kóòdù 3, ló ń padà láti sọ pé pọ́ọ̀tù náà kò ṣeé dé. Èyí yàtọ̀ gédégédé sí ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ìkọ̀sílẹ̀ kíákíá túmọ̀ sí pé sẹ́gímẹ́ǹtì dé ibi kan tó dá a lóhùn, tó sì sábà máa ń jẹ́ kọ̀ǹpútà náà gan-an. Ètò ni kò sí níbẹ̀. Bí oníbàárà bá dúró títí tó fi rí `Connection timed out`, ó ṣeé ṣe kí ògiri ààbò kan ti da sẹ́gímẹ́ǹtì nù lọ́nà, tàbí kí kọ̀ǹpútà náà má sí lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rárá. Ẹni tó bá mọ ìyàtọ̀ yìí kò ní máa tú ètò sáfà palẹ̀ nígbà tó jẹ́ pé ògiri ààbò ló ṣẹ̀.

Ìkọ̀sílẹ̀ kan wà tó máa ń rú èèyàn lójú: ètò ń ṣiṣẹ́, ẹni tó wà lórí kọ̀ǹpútà kan náà lè bá a sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ará ìta kò lè dé ibẹ̀. Àṣẹ `ss -ltn` ló ń tú àṣírí rẹ̀. Bí ó bá fi `127.0.0.1:8080` hàn, àdírẹ́sì inú kọ̀ǹpútà náà nìkan ni sọ́kẹ́ẹ̀tì etígbọ̀ọ́ so mọ́. Sẹ́gímẹ́ǹtì tó ti ìta wá gbé àdírẹ́sì mìíràn dání, kò sì bá a mu bí pọ́ọ̀tù tilẹ̀ bá a mu. `0.0.0.0:8080` ni ó yẹ kó wà níbẹ̀ bí a bá fẹ́ kó gba ohun tó wá sí àdírẹ́sì èyíkéyìí.

Ìṣòro kejì ni `Address already in use`, tí sáfà máa ń rí nígbà tí wọ́n bá pa á tí wọ́n sì tún tan án lójú ẹsẹ̀. Nígbà mìíràn, ètò mìíràn ló ti gba pọ́ọ̀tù náà ní tòótọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìsopọ̀ àtijọ́ tó wà ní ipò TIME_WAIT ló fà á. Ìhà tó bá kọ́kọ́ ti ìsopọ̀ pa ni TCP ń mú kó tọ́jú nǹkan mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ sí i, ìṣẹ́jú àáyá 60 lórí Linux. Ìdí tó nípọn wà fún un. Bí sẹ́gímẹ́ǹtì kan láti ìsopọ̀ àtijọ́ bá pẹ́ lọ́nà, tí ìsopọ̀ tuntun sì ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú nǹkan mẹ́rin kan náà, ìpínyà kò ní mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Dátà àná lè bọ́ sínú ọ̀rọ̀ òní. Sáfà máa ń fi `SO_REUSEADDR` sọ fún ètò àgbà pé kí ó jẹ́ kí òun tún tẹ́tí sí pọ́ọ̀tù náà. Kò léwu, nítorí pé sọ́kẹ́ẹ̀tì etígbọ̀ọ́ kò ní oníbàárà, kò sì lè bá ìsopọ̀ àtijọ́ kankan dọ́gba.

Ìṣòro kẹta ń bá oníbàárà jà, pàápàá nígbà tí oníbàárà náà jẹ́ sáfà fúnra rẹ̀ tó ń bèèrè nǹkan lọ́wọ́ sáfà dátà kan lẹ́yìn rẹ̀. Nínú nǹkan mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mẹ́ta kò yí padà: àdírẹ́sì rẹ̀, àdírẹ́sì sáfà dátà, àti pọ́ọ̀tù 5432. Pọ́ọ̀tù orísun nìkan ló kù láti yàtọ̀. Láàárín 32768 àti 60999, pọ́ọ̀tù 28,232 ló wà. Bí òun ló ń ti ìsopọ̀ pa, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 60 nínú TIME_WAIT, iye ìsopọ̀ tuntun tó lè ṣí kò lè ju nǹkan bí 470 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, `Cannot assign requested address` ni yóò máa rí, láìjẹ́ pé sáfà dátà ní àléébù kankan. Bí `ss -tan` bá fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún TIME_WAIT hàn sí àdírẹ́sì kan ṣoṣo, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ìwòsàn tó dára jù ni kí ètò dẹ́kun ṣíṣí ìsopọ̀ tuntun fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, kó máa tún èyí tó ti ṣí lò.

## Nígbà tí ráútà bá yá pọ́ọ̀tù lò

Àdírẹ́sì IPv4 kò kárí, nítorí náà ilé tàbí ọ́fíìsì kan sábà máa ń ní àdírẹ́sì ìta kan ṣoṣo, tí gbogbo fóònù àti kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ jọ ń lò. NAT ni ráútà fi ń ṣe é, pọ́ọ̀tù ló sì fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí a bá padà sí tábìlì sáfà HTTPS, ìlà kejì àti ìkẹta, tó jọ pé kọ̀ǹpútà kan ló ṣí ìsopọ̀ méjì, lè jẹ́ fóònù méjì lẹ́yìn ráútà tó ní 198.51.100.7. Fóònù àkọ́kọ́, 192.168.1.4, mú pọ́ọ̀tù 50112, ráútà sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Fóònù kejì, 192.168.1.9, náà mú 50112. Bí ráútà bá kàn pààrọ̀ àdírẹ́sì rẹ̀, nǹkan mẹ́rẹ̀ẹ̀rin méjèèjì yóò di ọ̀kan náà lójú sáfà. Nítorí náà ó yí pọ́ọ̀tù kejì padà sí 50113, ó kọ ọ́ sínú tábìlì tirẹ̀, ó sì ń yí i padà sí 192.168.1.9:50112 nígbà tí èsì bá dé.

Tábìlì yìí ló fà á tí ará ìta kò fi lè bẹ̀rẹ̀ ìsopọ̀ pẹ̀lú kọ̀ǹpútà tó wà lẹ́yìn ráútà. SYN tó dé láìsí ìlà kankan fún un nínú tábìlì kò ní ẹni tí a lè gbé e fún, àfi bí onílé bá ti kọ ìlà kan sílẹ̀ fúnra rẹ̀ pé kí ohun tó bá wá sí pọ́ọ̀tù báyìí lọ sọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà báyìí. Ìlà tí ẹnikẹ́ni kò lò fún ìgbà kan yóò sì parẹ́. Ìsopọ̀ tó dákẹ́ pẹ́ jù lè kú báyìí láìjẹ́ pé oníbàárà tàbí sáfà mọ̀, títí ọ̀kan nínú wọn yóò fi gbìyànjú láti sọ̀rọ̀.

## Ààlà nǹkan mẹ́rin, àti ọ̀nà tí QUIC gbà

Nǹkan mẹ́rin tó ń dá ìsopọ̀ TCP mọ̀ ń dè é mọ́ ibi tí oníbàárà wà. Bí ẹni tó ń fi fóònù gba fáìlì wọlé bá jáde kúrò níbi tí Wi-Fi dé, tí fóònù sì yí sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì alágbèéká, àdírẹ́sì IP rẹ̀ á yí padà. Sẹ́gímẹ́ǹtì tó bá fi ránṣẹ́ láti àdírẹ́sì tuntun kò bá sọ́kẹ́ẹ̀tì kankan mu lórí sáfà, ìsopọ̀ náà sì ti tán. Fóònù gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ òmíràn.

QUIC, tí RFC 9000 ti oṣù Karùn-ún ọdún 2021 gbé kalẹ̀, tí HTTP/3 sì ń lò, gba ọ̀nà mìíràn. Orí UDP ló ń rìn, ní pọ́ọ̀tù 443 lọ́pọ̀ ìgbà, nítorí náà ètò àgbà ń fi nǹkan méjì péré pín in, gbogbo oníbàárà sì lè bọ́ sínú sọ́kẹ́ẹ̀tì kan. Ìpínyà ìkẹyìn ń ṣẹlẹ̀ nínú ètò sáfà fúnra rẹ̀. Pákẹ́ẹ̀tì QUIC lè gbé nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìsopọ̀ dání, nọ́ńbà yìí ni sáfà sì ń wò láti mọ ọ̀rọ̀ tí pákẹ́ẹ̀tì náà jẹ́ tirẹ̀. Bí àdírẹ́sì tàbí pọ́ọ̀tù oníbàárà bá yí padà, nọ́ńbà náà á ṣì fi hàn pé ìsopọ̀ kan náà ni. Sáfà á wá fi ìdánwò kékeré kan mọ̀ dájú pé oníbàárà wà ní àdírẹ́sì tuntun náà lóòótọ́, iṣẹ́ á sì máa lọ. Pọ́ọ̀tù ṣì ń gbé dátà dé ẹnu ètò, bí UDP ti ń ṣe láti ọdún 1980, ṣùgbọ́n ètò náà ló wá ń fúnra rẹ̀ ya àwọn oníbàárà sọ́tọ̀.